Fọ́tò tí wọ́n yà látòkè kò lè sọ èwo ni ìrẹsì, èwo ni koríko

Ìgbàgbọ́ kan wà tí kì í sú àwọn èèyàn, àmọ́ ó ti sú èmi. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ oko dáadáa, tí wọ́n bá fi fọ́tò oko ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù hàn án, ó yẹ kó lè nàka sí i pé ìrẹsì nìyí, koríko nìyẹn. Fọ́tò á dé, ewé lọ súà, gbogbo rẹ̀ á jọra wọn. Ìbéèrè á tẹ̀ lé e: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n fà tu níbẹ̀?" Téèyàn bá ní òun ò lè mọ̀ ọ́n látinú fọ́tò yẹn, wọ́n á ní kò mọṣẹ́. Àwọn tó mọṣẹ́ á sì ti dáhùn kí ilẹ̀ tó mọ́: èyí tó pọ́n nídìí ni koríko, èyí tó ga jù ni koríko, èyí tó wà lójú ìlà ni ìrẹsì. Ó dá wọn lójú ṣáká.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí bóyá wọ́n yàtọ̀ síra. Wọ́n yàtọ̀. Tí wọ́n bá ti yọ orí, ọmọdé pàápàá á mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ là ń sọ, nígbà tí fífà á tu ṣì rọrùn, tí oògùn koríko ṣì lè ràn án. Koríko tó ń da èèyàn lójú rú jù lọ lásìkò yẹn ni èyí tí ẹ máa rí tí ẹ bá tẹ Echinochloa crus-galli sórí fóònù yín. Ó ní ìbátan kan tó máa ń kúrú jù ú lọ, Echinochloa colona.

Àwọn àmì tí wọ́n máa ń kà sílẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Koríko yìí sábà máa ń pọ́n nídìí, àmọ́ èyí tí ìdí rẹ̀ kò pọ́n rárá wà, oríṣi ìrẹsì tí ìdí rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò náà sì wà. Ìbátan rẹ̀ kúkúrú yẹn máa ń ní ìlà aláwọ̀ àlùkò tó dábùú ewé. Tí ẹ bá rí ìlà náà, ó dáa, ẹ ti mú olè. Tí ẹ ò bá rí i ńkọ́? Kò sọ nǹkan kan fún yín, torí púpọ̀ nínú wọn ni kò ní in. Ní ti ojú ìlà, tí èso koríko bá wà nínú irúgbìn tí ẹ gbìn, ojú ìlà náà ló máa hù sí. Ti ìrẹsì tí wọ́n ń lọ́ tún burú jù, nítorí wọ́n á fa koríko pọ̀ mọ́ ìrẹsì níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ hù ú, wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn gbìn ín sójú ìlà tó gún régé.

Ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, wà ní ọrùn ewé. Ewé ìrẹsì ní apá méjì. Apá ìsàlẹ̀ wé mọ́ igi, apá òkè nà síta, òun sì ni gbogbo wa ń pè ní ewé. Níbi tí apá méjèèjì ti pàdé ni ọrùn wà. Ẹ fi ọwọ́ kan di igi rẹ̀ mú, kí ẹ fi ìkejì rọra tẹ ewé náà sẹ́yìn, kí ó ṣí kúrò lára igi. Ẹ wo inú igun tó ṣí yẹn. Tó bá jẹ́ ìrẹsì ni, ẹ máa rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó nà sókè bí ahọ́n, funfun, tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì sábà máa ń là sí méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, etí kéékèèké méjì wà tí wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́dọ́, tí irun sì hù sí wọn lára. Tó bá jẹ́ koríko yẹn ni, ibẹ̀ máa dán borokoto. Kò sí ahọ́n, kò sí etí.

Mo mọ̀ pé ó dún bí ohun kékeré. Lóòótọ́ ni, ó kéré. Lára irúgbìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ahọ́n náà lè má ju mìlímítà mélòó kan lọ, ó sì lè ya tí ẹ bá fi agídí fa ewé náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì wò ó lára ewé kan ṣoṣo kí ẹ ṣèdájọ́. Ewé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lè ti gbẹ, kí ahọ́n rẹ̀ sì ti já dànù. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàárín kò tíì ṣí ọrùn rẹ̀ síta. Àwọn tó wà láàárín méjèèjì, tó ti nà tán tó sì ṣì tutù, ni kí ẹ wò, ó kéré tán ewé méjì lára igi kan. Bí irúgbìn náà bá kéré débi pé kò tíì ní ju ewé kan tó nà tán lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ẹni tó ń lé yín.

Ṣé ẹ ti wá rí ohun tó burú lára fọ́tò yẹn? Wọ́n dúró sókè, wọ́n na fóònù sísàlẹ̀, wọ́n ya orí ewé. Ọrùn ewé kò sí nínú rẹ̀ rárá, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fẹ fọ́tò náà lójú tó tí ohun tí kò sí níbẹ̀ á fi yọjú.

Ó tún ku ibì kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Koríko yìí ti ń bá ìrẹsì gbé tipẹ́tipẹ́, ojú àwọn tó ń fọwọ́ fà á tu ló sì ti ń sá fún látìgbà yẹn. Èyí tó bá tẹ̀ sílẹ̀, tó pọ́n nídìí, tó sì dá yàtọ̀, wọ́n á ti rí i, wọ́n á ti fà á tu kí ó tó so. Èyí tó nà ró ṣánṣán bí ìrẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bọ́, èso rẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan gbé iṣẹ́ jáde lórí irú rẹ̀ tó wà ní àgbègbè odò Yángísì ní Ṣáínà. Wọ́n fi ohun àjogúnbá inú èyí tó jọ ìrẹsì wé ti èyí tí kò jọ ọ́, wọ́n sì fojú bù ú pé ó tó nǹkan bí 1,000 ọdún tí èyí tó jọ ọ́ ti ń yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan lára ohun tó yí padà ni bí ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ń nà: kò tẹ̀ mọ́, ó ń dúró ró.

Ìyẹn ni pé ojú ẹni tó dúró sókè tó ń wo ìsàlẹ̀ gan-an ni koríko yìí fi ọ̀pọ̀ ìran kọ́ bó ṣe máa tàn jẹ. Fọ́tò tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́, ojú yẹn náà ló fi wò ó. Ó kọ́ ìnàró, ó kọ́ àwọ̀, àmọ́ kò kọ́ ahọ́n. Mo fura pé torí pé kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò tí mo rí nìyí. Ìrẹsì tí wọ́n fọ́n ni, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní igun kan, ewé kan ṣù pọ̀, ó ga, ó dúdú ju ìyókù lọ. Gbogbo àwọn tó dá sí i ló ní koríko ni, kí ẹni tó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ fà á tu kíá. Mo ní kí ó fa igi kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́ta: nínú èyí tó ṣù pọ̀, láàárín oko, àti níbi tó fọ́nká. Kí ó kọ́kọ́ bomi rin ilẹ̀ náà kí gbòǹgbò má baà já, kí ó tẹ ewé sẹ́yìn, kí ó gbé ọrùn rẹ̀ síwájú aṣọ dúdú, kí ó sì ya á látòsí. Èyí tó ṣù pọ̀ ní ahọ́n, ó ní etí, èèpo ìrẹsì ṣì so mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Ìrẹsì ni. Àfàìmọ̀ ni kì í ṣe ibi tí wọ́n gbé àpò irúgbìn kalẹ̀ sí nìyẹn. Èyí tó wà láàárín oko náà, ìrẹsì ni. Èyí tó fọ́nká, tó kúrú, tẹ́nikẹ́ni ò kà sí, òun ni ọrùn rẹ̀ dán. Ká ní ó ti gbọ́ tiwọn ni, ìrẹsì tó dáa jù lóko rẹ̀ ni ì bá fà tu.

Síbẹ̀, ẹ má gbé ahọ́n yìí gẹ̀gẹ̀ jù. Bí ọrùn bá dán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kì í ṣe ìrẹsì. Bí ahọ́n àti etí bá wà, ohun tí ó sọ fún yín ni pé ó wà nínú ẹbí ìrẹsì tàbí pé ó jọ wọ́n. Ìrẹsì ẹhànnà, èyí tí èso rẹ̀ máa ń gbọn dà sílẹ̀ kí ẹ tó kórè, ní ahọ́n kan náà, etí kan náà. Mi ò mọ ọ̀nà tó ṣeé gbára lé láti fi ojú lásán yà á sọ́tọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é látinú fọ́tò, mo kí i.

Ti àgbàdo yàtọ̀. Ahọ́n kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, torí àwọn koríko tó jọ ọ́ ní tiwọn náà. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lọ: ẹ wú u tòun ti erùpẹ̀, kí ẹ sì wá hóró rẹ̀. Hóró àgbàdo máa ń so mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì sí koríko tó ní irú rẹ̀. Rottboellia cochinchinensis, tó máa ń jọ àgbàdo nígbà tó bá ṣì kéré, tún ní irun líle lára igi tó máa ń gún ọwọ́. Fóònù kì í ya ìyẹn náà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni oògùn. Pírópánílì tí wọ́n ń fọ́n sí oko ìrẹsì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù nígbà tí koríko yẹn bá ní ewé méjì sí mẹ́ta, nítorí náà ara àwọn èèyàn kì í balẹ̀. Ìrẹsì ní ohun kan nínú ewé rẹ̀ tó ń tú oògùn náà palẹ̀ kí ó tó pa á lára. Ìrẹsì ẹhànnà náà ní in, nítorí náà ẹ lè fọ́n ọn títí, kò ní kú. Àwọn koríko kan sì wà tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u palẹ̀ bákan náà, tí oògùn náà kò ràn mọ́. Ẹ má tìtorí pé ẹ fẹ́ pa kòkòrò lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ wá po malatáyọ́nì tàbí kábárílì mọ́ ọn. Irú àwọn oògùn kòkòrò bẹ́ẹ̀ máa ń dí ohun tí ìrẹsì fi ń tú pírópánílì palẹ̀ lọ́wọ́, ìrẹsì á sì jó bíi koríko. Fífọ́n wọn tẹ̀ léra láàárín ọjọ́ díẹ̀ pàápàá léwu. Iye ọjọ́ tó yẹ kí ó wà láàárín wọn wà lára ike oògùn, ẹ kà á kí ẹ tó bu omi sínú táǹkì.