Ìdí tí bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù fi ń dán: ABS àti PBT

Lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, lẹ́tà A àti E lè máa dán gbinrin nígbà tí Q tó wà nítòsí wọn ṣì rí bíi tọjọ́ tí wọ́n rà á. Lára bọ́tìnì gbọọrọ ìsàlẹ̀, ojú ibi tí àtàǹpàkò ń bà nìkan ló máa ń dán. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní òróró ọwọ́. Ẹ yọ ìdérí bọ́tìnì náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ. Bí ó bá ṣì ń dán, ike gan-an ló ti jẹ.

Ojú ìdérí tuntun sábà máa ń ní hóró wínníwínní bí iyanrìn, èyí tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri. ABS àti PBT ni irú ike méjì tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìdérí bọ́tìnì. ABS rọ̀ díẹ̀, nítorí náà ìka tó ń bà á lemọ́lemọ́ á fá orí àwọn hóró yẹn títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́jú bíi dígí. PBT le jù ú lọ, ó máa ń pẹ́ kó tó jẹ. Òun náà á dán bó pẹ́ bó yá. Ẹni tó ní kò ní dán láé ń tanni jẹ ni.

Àmọ́ PBT ní wàhálà tirẹ̀, inú mọ́ọ̀dù tí wọ́n ń da ike sí kó lè di ìdérí ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ike gbígbóná bá ń tutù, ó máa ń súnkì. ABS ń súnkì ní nǹkan bíi 0.5%, PBT ní nǹkan bíi 2%. Lórí lẹ́tà kan ṣoṣo, ìyẹn ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì gbọọrọ sábà máa ń gùn tó nǹkan bíi 118 mm: ti ABS á dínkù ní nǹkan bíi 0.6 mm, ti PBT á ju 2 mm lọ. Wọ́n ti ń fi àyè ìyẹn sílẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bí apá kan bá tutù ṣáájú ìkejì, ó ti wọ́ nìyẹn. Ẹ gbé e lé orí dígí, kí ẹ fi ìka tẹ orí rẹ̀ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń mì síwá-sẹ́yìn ti wọ́, ó lè máa há tàbí kó máa dún ṣákaṣàka. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ta PBT pẹ̀lú bọ́tìnì gbọọrọ tó jẹ́ ABS, ọgbọ́n tó dáa sì ni.

Ní ti ìró, ABS sábà máa ń dún tín-ín-rín, PBT á dún wúwo díẹ̀. Síbẹ̀, bí ike ṣe nípọn tó máa ń borí irú ike tó jẹ́: ABS tó nípọn 1.5 mm lè dún wúwo ju PBT tó jẹ́ 1 mm lọ. Ìrísí ìdérí náà ń dá sí i. SA àti Cherry jẹ́ orúkọ irú ìrísí méjì. Ìrísí SA ga, inú rẹ̀ ní ihò tó jìn, ìró á máa gbọ̀n níbẹ̀. Ti Cherry kúrú, ìró rẹ̀ á ki. Ẹni tó bá wá gbọ́ SA tó jẹ́ ABS àti Cherry tó jẹ́ PBT, tó wá ní ike ló fa ìyàtọ̀ náà, gíga bọ́tìnì ló gbọ́ jù. Ìgbà tí ìrísí méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí ìnípọn wọn náà sì bára mu, ni etí tó lè dájọ́ ike.