Sálárì sákírífáìsì: níbo ni èrè rẹ̀ wà gan-an?

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. £32,000 ni owó mi lọ́dún. Ilé iṣẹ́ mi ní kí n fọwọ́ sí sálárì sákírífáìsì fún owó ìfẹ̀yìntì, pé owó oṣù mi á dín kù ṣùgbọ́n èmi ni màá jèrè. Báwo ni owó tó dín kù ṣe ń di èrè?

Ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín ni wọ́n fẹ́ tún kọ. Dípò £32,000, wọn á kọ £30,400 síbẹ̀, wọn á sì fi £1,600 tó kù sínú àpò owó ìfẹ̀yìntì yín fúnra wọn. Lójú òfin, kì í ṣe owó yín ni ẹ dá síbẹ̀ mọ́, owó ilé iṣẹ́ ni. Ohun méjì ló sì ń gé owó oṣù níbí yìí: owó orí, tó jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá lé ní £12,570, àti Náṣọ́nà Inṣọ́ránsì, èyí tí wọ́n ń kọ ní NI sórí pésílíìpù, tó jẹ́ ìdá 8. £1,600 tí kò dé ọwọ́ yín yẹn bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì.

Ọ̀rẹ́ mi ní pẹ́nsì 28 ni èèyàn ń jèrè lórí pọ́ùn kọ̀ọ̀kan. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ tó ní àbùlà ni. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín látẹ̀yìnwá náà ti bọ́ lọ́wọ́ owó orí kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ sákírífáìsì. Pẹ́nsì 20 yẹn ti wà lápò yín tipẹ́. Pẹ́nsì 8 ti NI nìkan ló jẹ́ tuntun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lọ́nà àtijọ́, kí £1,600 tó wọ àpò ìfẹ̀yìntì yín lọ́dún, £1,280 ló ń dín nínú owó tí ẹ ń mú lọ sílé. Lábẹ́ sákírífáìsì, £1,152 ni. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ £128 lọ́dún, ìyẹn bíi £10.67 lóṣù. Kò lè kọ́lé, àmọ́ ẹ ò ṣe làálàá kankan kí ẹ tó rí i.

Ibi tí owó gidi wà ni ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín. Òun náà ń san NI tirẹ̀ lórí owó oṣù yín, ìdá 15 láti oṣù kẹrin ọdún 2025. Bí owó yín bá fi £1,600 dín, £240 ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń da gbogbo rẹ̀ sínú àpò òṣìṣẹ́, àwọn kan ń dá a sí méjì, àwọn mìíràn á gbé e mì láìsọ̀rọ̀. Bí tiyín bá da gbogbo rẹ̀ sí i, £1,840 ni yóò wọ àpò yín fún £1,152 kan náà. Èmi ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan láì kọ́kọ́ béèrè ìyẹn.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá lé ní £50,270, ìdá 2 péré ni NI rẹ̀ lórí ohun tó lé, nítorí náà èrè tuntun tirẹ̀ kò ju pẹ́nsì 2 lọ lórí pọ́ùn. Ìjọba sì ti kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé láti oṣù kẹrin ọdún 2029, £2,000 àkọ́kọ́ lọ́dún nìkan ni sákírífáìsì ìfẹ̀yìntì yóò gbà lọ́wọ́ NI. £1,600 tiyín ṣì wà nínú rẹ̀.

Mò ń san £800 lóṣù sí nọ́sìrì ọmọ mi. Ṣé kí n fi ìyẹn náà sí i?

Ẹ ò lè gba fáúṣà ìtọ́jú ọmọ tí àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ń sọ mọ́: wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹni tuntun ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Èyí tó kù ni nọ́sìrì ilé iṣẹ́, èyí tí ilé iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, tàbí tó ń lọ́wọ́ lóòótọ́ nínú ìnáwó àti ìṣàkóso rẹ̀. Orúkọ orí ìwé lásán kò tó.

Ká ní ẹ rí irú nọ́sìrì bẹ́ẹ̀. Pẹ́nsì 28 lórí pọ́ùn níbí jẹ́ èrè tòótọ́, torí kò sí ohun tó ti yọ owó orí kúrò lórí owó nọ́sìrì tẹ́lẹ̀. Àmọ́ owó yín kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju owó iṣẹ́ tó kéré jù lófin lọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2026, £12.71 ni fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀, ìyẹn tó £24,784 lọ́dún. Bí a bá yọ £9,600 ti nọ́sìrì kúrò nínú £30,400, ó di £20,800. Òfin kò gbà á. Nǹkan bíi £5,600 nìkan ni ẹ lè yọ, èrè rẹ̀ sì jẹ́ £1,568.

Ẹ wá fi wé ìrànwọ́ ìjọba tí ẹ ó rí lórí GOV.UK gẹ́gẹ́ bí Tax-Free Childcare. Bí ẹ bá fi £8 sí i, ìjọba á fi £2 kún un, títí dé £2,000 lọ́dún fún ọmọ kan. Lórí £9,600, £1,920 ni. Bí ẹ bá máa mú ọ̀kan, èyí ló wúwo jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ́nsì 20 péré ló ń fúnni. Kìkì pé bí físà ẹ̀yin àti ọkọ yín méjèèjì bá sọ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ gba ìrànwọ́ ìjọba, ẹ ò lè gbà á, nọ́sìrì ilé iṣẹ́ nìkan ló kù fún yín.

Wọ́n tún ní kí n gba kẹ̀kẹ́ £1,000, kí n máa fi owó oṣù san án fún ọdún kan.

£280 ni ẹ ó rí nínú owó orí àti NI. Ẹ má tíì yọ̀: yíyá ni ẹ yá kẹ̀kẹ́ náà, kì í ṣe rírà. Nígbà tí ọdún bá pé, bí ẹ bá fẹ́ kó di tiyín láìsí owó orí, ẹ gbọ́dọ̀ rà á ní iye tó tọ́. Nínú tábìlì àwọn agbowó orí, kẹ̀kẹ́ tó ju £500 lọ ṣì tó ìdá 25 lẹ́yìn ọdún kan, ìyẹn £250. £30 péré ló kù lọ́wọ́ yín. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á jẹ́ kí yíyá náà gùn dé ọdún mẹ́rin, níbi tí ìdá náà ti já sí 7, £70. Ẹ bi wọ́n bóyá ó wà nínú àdéhùn tiyín, kí ẹ sì bi wọ́n ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún tó pé.

Kí ló lè pa mí lára? Báwo ni màá sì ṣe mọ̀ pé wọ́n ṣe é dáadáa?

Bí ẹ bá fẹ́ bímọ, ẹ ṣọ́ra. Ìdá 90 owó ọ̀sẹ̀ yín ni owó ìsinmi ìbímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, owó tó ti dín kù ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Yíyọ £1,600 lọ́dún gé nǹkan bíi £166 kúrò níbẹ̀, kí owó orí tó bọ́ sí i. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọn á máa san owó ìfẹ̀yìntì náà nìṣó lásìkò ìsinmi, torí ìyẹn lè dí àlàfo náà.

Pésílíìpù àkọ́kọ́ ni yóò jẹ́rìí. Tẹ́lẹ̀, £2,666.67 ni owó oṣù yín, NI sì jẹ́ £129.49. Lẹ́yìn sákírífáìsì, owó náà gbọ́dọ̀ di £2,533.33, kí NI sì di £118.83. Bí NI yín bá ṣì wà ní £129, tí owó ìfẹ̀yìntì sì tún wà lára ohun tí wọ́n yọ, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń san owó oṣù: ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò.