Ohun Tó Wà Nínú Tírà

Ẹni tó bá dàgbà sí Abẹ́òkúta ti rí tírà rí. Awọ ewúrẹ́ ni, wọ́n rán an ní igun mẹ́rin, wọ́n so ó mọ́ ìbàdí ọmọ tàbí mọ́ apá ọdẹ, àwọn mìíràn sì fi kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà ìsọ̀. Ẹni tó ti rí inú rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Ìgbàgbọ́ ni pé bí a bá tú u, iṣẹ́ rẹ̀ tán nìyẹn. Inú awọ yẹn gan-an ni ìtàn rẹ̀ sì wà.

Bébà tí a ká ló wà níbẹ̀. Ààfáà ti fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sí i: bóyá Áyátù Kúrísíyù, bóyá Súrà Fálákì, èyí tí a fi ń sá di Ọlọ́run lọ́wọ́ aburú onílara nígbà tó bá ń ṣe ìlara. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ya àpótí kan tí a pín sí ojúlé mẹ́sàn-án, kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ojúlé tirẹ̀:

4 9 2
3 5 7
8 1 6

Ẹ ro ó lóròó, ẹ ro ó ní ìbú, ẹ ro ó láti igun dé igun. 15 ni yóò máa jẹ́ níbi gbogbo. Àpótí yìí dàgbà ju tírà fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò sì tíì kan Mùsùlùmí kankan nígbà náà. Nígbà tó dé ọwọ́ àwọn tó ń fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé, ó hàn nínú àwọn ìwé tí wọ́n kà sí ti Jábírù ọmọ Hayyánì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti díẹ̀ sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un níbẹ̀ kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti ojú burúkú. Obìnrin tó ń rọbí ni wọ́n ní kó ràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni orúkọ Al-Búnì, ọmọ Àríwá Áfíríkà tó kú ní nǹkan bí ọdún 1225, wá lẹ̀ mọ́ ìmọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà yìí débi pé títí di òní, ó ṣòro láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí a má dárúkọ rẹ̀.

Ohun tó sọ àpótí náà di ti ẹni tó gbé e kọ́rùn ni pé lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Álífù jẹ́ 1, Láámù jẹ́ 30, Háù jẹ́ 5. Orúkọ Allāhu ní Álífù kan, Láámù méjì àti Háù kan: 66 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ààfáà tó fẹ́ fi orúkọ náà kún àpótí yóò yọ 12 kúrò nínú 66, ó ku 54. Yóò pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ó jẹ́ 18. Ibi tí 1 wà nínú àpótí àkọ́kọ́ ni yóò kọ 18 sí, yóò kọ 19 síbi tí 2 wà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ lé e títí yóò fi kan 26:

21 26 19
20 22 24
25 18 23

Ibikíbi tí ẹ bá gbà ro ó, 66 ni. Orúkọ náà wà níbẹ̀ láìsí lẹ́tà kan, ẹni tí kò bá mọ ìṣirò rẹ̀ yóò wò ó bí ìwé gbèsè lásán.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ló ń rọ̀ bẹ́ẹ̀. Muhammad jẹ́ 92. Bí a bá yọ 12, ó ku 80, 80 kò sì ṣe é pín sí mẹ́ta dọ́gba. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i ni pé wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti 26, bí wọ́n bá dé ojúlé kẹrin, wọn yóò fo nọ́ńbà kan: lẹ́yìn 28, 30 ló kàn. Gbogbo òòró àti ìbú yóò jẹ́ 92, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ìlà igun dé igun yóò jẹ́ 93. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ẹni tó kọ ọ́, bí ìṣirò náà ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ bí òòró tàbí ìbú kan bá yàtọ̀ sí ìyókù, ẹni tó dà á kọ ló ti ṣì í. Mo rò pé ọ̀pọ̀ tírà ìgbàlódé, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ara ẹ̀dà, kò lè yege nínú ìdánwò yìí.

Báwo ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe gba ọ̀dọ̀ Haúsá kọjá wá sọ́dọ̀ wa? Kò yani lẹ́nu. Muhammadu, Fúlàní ará Kàtísínà tó kú sí Káírò ní 1741, kọ ìwé lórí bí a ṣe ń kún irú àpótí yìí. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, ọmọ ilẹ̀ Haúsá ti di olùkọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí nílẹ̀ Íjíbítì. Ààfáà àti oníṣòwò a máa rin ọ̀nà kan náà.

Tírà kò sì béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á. Nígbà tí ikọ̀ òyìnbó dé Kúmásì ní 1817, wọ́n bá àwọn ará Àṣáńtì, tí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, tí wọ́n ń fi tírà àwọn Mùsùlùmí bo ẹ̀wù ogun wọn. Ní Bàhíà, nílẹ̀ Bùràsílì, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Yorùbá, dìde ní oṣù kìíní ọdún 1835, ọlọ́pàá tú tírà kúrò lára àwọn tó kú, wọ́n sì kó bébà inú rẹ̀ pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìjọba rò pé àṣírí ìdìtẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àdúrà àti ọ̀rọ̀ Kùránì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbá ti ní ońdè tirẹ̀ kí tírà tó dé. Ewé, egbò àti nǹkan mìíràn tí a lọ̀ tàbí tí a jó, tí a fi ọfọ̀ ránṣẹ́, ló wà nínú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń ti ońdè lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí a kọ ló ń ti tírà. Síbẹ̀ méjèèjì gbà pé ohun tó ń dáàbò bò ni gbọ́dọ̀ fara pamọ́. Ẹ wá wo ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí àwọn ará Tọ́kì àti Gíríìsì ń gbé kọ́rùn, èyí tí a ya ojú sí, tí àwọn ọ̀dọ́ wa náà ti ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ báyìí. Èyí kò fẹ́ fara pamọ́ rárá. Ìta ló gbọ́dọ̀ wà, kí ojú onílara lè bá a pàdé kó tó kan ọmọ. Ìyàtọ̀ yìí dùn mọ́ mi, torí ẹ̀rù kan náà ni: pé ẹni tó ń yìn ọ́ lè máa fi ojú jẹ ọ́. Níbẹ̀ wọ́n ń wo onílara padà. Níbí, a kì í jẹ́ kó mọ ohun tí a fi ń dúró dè é.

Lára àwọn ààfáà fúnra wọn, ìjà kò tíì parí. Àwọn kan ní fífi nǹkan mìíràn ṣe orogún Ọlọ́run ni kí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó so mọ́ra. Àwọn mìíràn ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò léèwọ̀. Ẹ̀kẹta fẹ́ràn hàǹtú: wọn a kọ ọ̀rọ̀ náà sára wàláà, wọn a fi omi fọ̀ ọ́, ènìyàn a sì mu ún. Awọ náà ní ìdí tó ju ẹwà lọ. Ó ń dáàbò bo tàdáwà lọ́wọ́ òógùn, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé a lè gbé ọ̀rọ̀ mímọ́ wọ ibi tí kò mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń bọ́ tírà wọn sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọ ilé ìyàgbẹ́.