Bí Àwọn Onímọ̀ Ìṣẹ̀dá ní Yúróòpù Ṣe To Ẹ̀yà Ènìyàn sí Ipò

Ní ọdún 1735, Káàlì Línéúsì, dókítà àti onímọ̀ ewéko ará Súwídìn, tẹ ìwé kan jáde ní ìlú Léídìn ní Họ́lándì. Ó ka ọmọ ènìyàn mọ́ ẹranko, ó sì pín wọn sí mẹ́rin: ará Yúróòpù, ará Amẹ́ríkà, ará Ásíà àti ará Áfíríkà. Àwọ̀ ara àti ilẹ̀ nìkan ló fi yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà náà.

Ìwà ni ó fi kún un nínú ìtẹ̀jáde kẹwàá, ní 1758. Ó ní ará Yúróòpù mọ nǹkan-án dá sílẹ̀, ìlànà sì ni wọ́n fi ń ṣàkóso rẹ̀. Ará Áfíríkà ní tirẹ̀, ọlẹ àti alárékérekè ni, ohun tó bá sì wù ú ló ń ṣe. Línéúsì kò dé Áfíríkà rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé àwọn arìnrìn-àjò òun oníṣòwò ló gbé kalẹ̀ bí ìmọ̀, ẹrú sì wà lára ọjà tí púpọ̀ nínú wọn ń tà. Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ ní Họ́lándì, Jọ́ọ̀jì Kílífọ́ọ̀dù, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ òwò Ìlà-Oòrùn Índíà. Èyí kò sọ pé ọ̀gá náà ló ní kí ó kọ ohun tó kọ, ṣùgbọ́n inú owó àti ọkọ̀ òwò ni ìmọ̀ yìí ti jẹun.

Lọ́dọ̀ Ẹ́díwọ́ọ̀dù Lọ́ńgì, ohun tí wọ́n ń jà fún kò fara sin rárá. Olóko ìrèké tó ní ẹrú ni ní Jàmáíkà, ó sì ti ṣe adájọ́ níbẹ̀. Ní 1772, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé ọ̀gá tó ni ẹrú kan tó ń jẹ́ Jéémíìsì Sọ́másẹ́ẹ̀tì kò lè fipá mú ẹrú náà kúrò ní Ẹ́ńgílándì. Ẹ̀rù ba àwọn olóko. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Lọ́ńgì kọ ìtàn Jàmáíkà, tó sọ níbẹ̀ pé irú ẹ̀dá mìíràn ni aláwọ̀ dúdú, tó sún mọ́ ìnàkí. Ó tilẹ̀ ní ọmọ tí funfun àti dúdú bá jọ bí kì í lè bímọ láàárín ara wọn, bíi ti ìbaaka. Àwọn ìdílé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní Jàmáíkà tó gbé!

Ọ̀rọ̀ Johan Bílúmẹ́nbáàkì, onímọ̀ ìṣẹ̀dá ní ìlú Gọ́tíńgẹ̀nì ní Jẹ́mánì, yàtọ̀. Agbárí òkú ló ń kó jọ. Ní 1795 ó pín ènìyàn sí márùn-ún, ó sì fi orúkọ òkè Kọ́kásọ́ọ̀sì pe aláwọ̀ funfun, nítorí pé agbárí obìnrin ará Jọ́jíà kan ló rẹwà jù lójú rẹ̀. Ọmọ ogun Rọ́ṣíà ló mú obìnrin náà lẹ́rú. Mọ́síkò ló kú sí. Bílúmẹ́nbáàkì gbà pé irú ẹ̀dá kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn, ó sì ń kó ìwé tí àwọn aláwọ̀ dúdú kọ jọ láti fi hàn pé ọpọlọ wọn pé. Orúkọ tó fún aláwọ̀ funfun ni àwọn tó tẹ̀ lé e gbà. Ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú tó kó jọ ni wọn kò kà sí.