Bátìrì òjé àti bátìrì lítíọ́mù: iye tí kílówáàtì-wákàtí kan ń náni

Bátìrì òjé ni bátìrì tí àwo òjé wà nínú omi ásíìdì rẹ̀. Gaston Planté, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ tó ṣe é ṣáájì padà, ní ọdún 1859. Bátìrì lítíọ́mù kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ tó ṣe é ṣáájì padà, tí wọ́n ń pè ní lithium-ion, jáde fún títà. Ó ní oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn tó ń tọ́jú iná oòrùn pa mọ́ sílé ń lò jù ni èyí tí a fi lítíọ́mù, irin àti fọ́sífétì ṣe, LiFePO4. Òun ni a ń sọ níhìn-ín.

Bí a bá wo iye owó tí wọ́n ń ta méjèèjì nìkan, bátìrì òjé ló pọ́ọ́kú. Àmọ́ iná ni ènìyàn ń rà, kì í ṣe àpótí tí iná wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, iye iná tí bátìrì yóò fúnni kí ó tó kú ni ó yẹ kí a fi pín owó rẹ̀.

Ohun tó ń dín ti òjé kù ni pé a kì í lo gbogbo iná inú rẹ̀. Bí iná ṣe ń jáde, ásíìdì àti òjé ń para pọ̀ di iyọ̀ funfun kan tó ń lẹ̀ mọ́ àwo. Tí a bá tètè ṣáájì í, iyọ̀ náà á yọ́ padà. Tí a bá fà á jù, tàbí tí a fi í sílẹ̀ láìkún fún ọjọ́ pípẹ́, iyọ̀ náà á le, kò sì ní yọ́ mọ́. Ibi tó ti le yẹn kò wúlò mọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbani nímọ̀ràn pé kí a dúró níbi ìdajì. Bátìrì òjé tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí lè gba ìfàsílẹ̀ dé ìdajì ní nǹkan bí ìgbà 500 sí 1,000.

Nínú bátìrì lítíọ́mù, àwo kì í yọ́ kó tún dì. Lítíọ́mù kàn ń kúrò ní apá kan bọ́ sí apá kejì ni, ó sì tún ń padà. A lè fa ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná rẹ̀ ní ìgbà 3,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílówáàtì-wákàtí ni a fi ń wọn iná: a ó fi fóòtì sọ áńpíà-wákàtí di púpọ̀, a ó sì fi 1,000 pín in. Bátìrì òjé fóòtì 12, áńpíà-wákàtí 200, gba kílówáàtì-wákàtí 2.4. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1.2. Tí ó bá gba ìfàsílẹ̀ ìgbà 600, gbogbo iná tí yóò fúnni jẹ́ 720. Bátìrì lítíọ́mù fóòtì 12.8, áńpíà-wákàtí 100 péré, gba 1.28. Ìdá 80 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1.02, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti òjé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé áńpíà tí wọ́n kọ sí i lára kò ju ìdajì lọ. Ní ìgbà 3,000, ó di nǹkan bí 3,070, ìlọ́po mẹ́rin ti òjé àti díẹ̀. Nítorí náà, bí owó lítíọ́mù yìí kò bá tó ìlọ́po mẹ́rin owó òjé yẹn, iná tirẹ̀ ló pọ́ọ́kú jù. A kò tíì ka iná tó ń ṣòfò nígbà ṣíṣáájì, èyí tó pọ̀ nínú òjé ju inú lítíọ́mù lọ.

Ooru máa ń ba ìṣírò yìí jẹ́. Bí ara bátìrì òjé bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ga ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ lè dín kù sí ìdajì. Èyí tó ti ń kú máa ń tètè fi hàn pé òun ti kún, ṣùgbọ́n bí ohun èlò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná rẹ̀ báyìí, fóòtì rẹ̀ á já wálẹ̀. Bí bátìrì òjé bá sinmi fún wákàtí mélòó kan láìsí ohun tó ń fa iná rẹ̀, fóòtì 12.7 ni ti èyí tó kún, nǹkan bí 12.2 sì ni ìdajì. Lítíọ́mù kò ṣe é wò báyẹn, torí pé fóòtì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà títí iná fi kù díẹ̀. Mítà tó ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde ló lè sọ iye tó kù. Òtútù ló tún yẹ kí a ṣọ́ra fún: ṣíṣáájì lítíọ́mù nígbà tó tutù ju òdo lọ ń bà á jẹ́ láìlátùn-únṣe.

Iye ìgbà tí a ń lò ó ló ń yí ìdájọ́ padà. Ẹni tó ń fa bátìrì lójoojúmọ́ yóò lo ìgbà 600 tán kí ọdún méjì tó pé, ìgbà 3,000 á sì gbà á ní ọdún mẹ́jọ àti díẹ̀. Ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kò ní ju ìgbà 240 lọ ní ọdún mẹ́wàá. Ogbó ni yóò pa bátìrì rẹ̀, kì í ṣe ìfàsílẹ̀. Tí bátìrì òjé tí a ń mú kún dáadáa bá pé ọdún márùn-ún, méjì péré ló máa rà láàárín ọdún mẹ́wàá náà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, lítíọ́mù tó ju ìlọ́po méjì owó òjé lọ ti wọ́n jù.