Òjò tó ti fẹ́ dá: bí brọnkiolítíìsì ṣe ń rìn nínú àyà ọmọ ọwọ́

Ká fi ọmọ oṣù mẹ́rin kan ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ Ajé, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Lọ́jọ́rú, ikọ́ dé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, àyà rẹ̀ ti ń fọn bíi fèrè, ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ọmú tí kì í fi í ṣeré sì wá di ohun tó ń fà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó sì ń já sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyá rẹ̀ lọ sí kẹ́míìsì kan ní Kútọ̀, wọ́n fún un ní áńtíbáyọ́tíìkì tí wọ́n ń po mọ́ omi. Ó di ọjọ́ Àìkú, ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ní, “Ẹ ò rí i bí oògùn yẹn ṣe mú un!”

Oògùn yẹn ò mú nǹkan kan. Brọnkiolítíìsì, àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì máa ń fà sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọwọ́, ní ọjọ́ tirẹ̀ tó máa ń tò: ọ̀fìnkìn ló máa ń fi wọlé, ó máa ń le jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, lẹ́yìn náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ láti Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni ìkarùn-ún. Ọjọ́ tí ìyà pọ̀ jù ni ìyá máa ń sáré wá oògùn, ọjọ́ yẹn náà sì ni àìsàn ti fẹ́ yí padà. Ẹni tó gbé agbòjò jáde nígbà tí òjò ti fẹ́ dá, tó wá ń sọ pé agbòjò òun ló lé òjò lọ, ni oògùn yẹn. Àṣìṣe tó lágídí ni, torí ojú ìyá ló fi rí i, kò sì sẹ́ni tó máa ń rí ọmọ kejì tí kò lo nǹkan kan tí òun náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Àìkú.

Inú àyà ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó wọnú ẹ̀dọ̀fóró máa ń pín bí ẹ̀ka igi, títí yóò fi di ọ̀nà kéékèèké tí ẹnu wọn kò tó mílímítà kan. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì máa ń lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni RSV, àgbàlagbà tó kó o lè má rí ju ọ̀fìnkìn lọ. Lára ọmọ, ó máa ń pa awọ tó bo inú ọ̀nà náà. Awọ tó kú á ṣí bọ́, á pò mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ògiri ọ̀nà á wú.

Ẹ rántí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí àwọn ọmọdé máa ń fi fa omi. Tó bá fẹ̀, omi á yá. Ẹ wá mú sítíróò tín-ín-rín tí ìhò rẹ̀ jẹ́ ìdajì tàkọ́kọ́, kí ẹ fi fa nǹkan kan náà. Ìnira rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni. Bí ìṣirò ọ̀nà róbótó ṣe rí nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí wíwú táṣẹ́rẹ́ tí àgbà ò ní mọ̀ lára fi lè mú ọmọ ọwọ́ sínú làálàá. Bí a bá fa èémí sínú, àyà á fẹ̀, ọ̀nà á sì là díẹ̀. Bí a bá mí síta, ó tún sún pọ̀. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde dáadáa. Ìró fèrè tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ọmọ ń mí síta, ìgbìyànjú yẹn ni.

Áńtíbáyọ́tíìkì ò ní iṣẹ́ kankan níbí. Ara bakitéríà ló ń bá jà, bí èyí tó ń fọ́ ògiri ara rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ò ní ògiri, inú ara ọmọ gan-an ló ti ń lo ohun èlò ara náà. Ká tiẹ̀ ní oògùn kan pa fáírọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ Ẹtì, ìdọ̀tí awọ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀nà. Irun wínníwínní tó máa ń gbá ìdọ̀tí sókè ti kú, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó hù padà. Ìdí nìyẹn tí ikọ́ lè fi pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lára ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá. Ohun tí áńtíbáyọ́tíìkì lè ṣe ni kí ó mú ìgbẹ́ gbuuru wá, ọmọ tí kò mu nǹkan dáadáa á sì tún pàdánù omi.

Dókítà lè kọ áńtíbáyọ́tíìkì nígbà tó bá fura sí òtútù àyà tí bakitéríà fà, nítorí àìsàn méjèèjì jọra gan-an. Ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ìhà bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú, ló yẹ kí wọ́n ti gbé ọmọ Ìbarà yẹn lọ kí wọ́n wò ó.

Oúnjẹ ni iṣẹ́ gidi tí ilé lè ṣe. Imú ni ọmọ ọwọ́ sábà máa ń fi mí. Tí imú bá dí, tí ẹnu sì wà lórí ọmú, kí ló máa fi mí? Ẹ kán omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún imú ọmọ, bíi ìkán méjì sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi rọ́bà fa ikun jáde jẹ́jẹ́, kí ẹ tó fún un lọ́mú. Àdí tàbí òróró kankan ò gbọdọ̀ wọ imú, ó lè ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn náà, ẹ dín iye kù, kí ẹ mú ìgbà pọ̀ sí i. Ọmọ tó ń mu mílílítà 120 lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́ lè gba 60 ní wákàtí méjì-méjì: 720 ni méjèèjì.

Rírọ ọmọ ni kí ẹ gbàgbé pátápátá. Kí á gbé ọmọ tó ń mí lẹ́ẹ̀márùndínlọ́gọ́ta ní ìṣẹ́jú kan lélẹ̀, kí á fi ọwọ́ dí i nímú, kí á da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i lọ́nà ọ̀fun, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni nǹkan náà máa ń gbà. Ọmọ tí kò lè fà á fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Tí ohun tó ń mu bá ti dín sí ìdajì, bíi 360 lára 720 yẹn, tàbí tí ìtẹ̀dí rẹ̀ kò bá tutù fún wákàtí méjìlá, ẹ gbé e lọ. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò bá sunkún: tó bá lé ní 60, ẹ gbé e lọ. Bákan náà ni tí ìhà bá ń wọnú, tó bá ń kùn nígbà gbogbo tó bá mí síta, tó bá rẹ̀ ẹ́ dé ibi tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ bá ń dúró díẹ̀, tàbí tí ahọ́n àti inú ètè rẹ̀ bá yí sí àwọ̀ eérú tàbí aró. Lára aláwọ̀ dúdú, inú ẹnu ni kí ẹ wò, kì í ṣe ojú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná dé 38°C, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nígbà ìbí, àti èyí tó ní àìsàn ọkàn, kí wọ́n má dúró ka ọjọ́ rárá.

Tẹ́ ẹ bá dé Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, tàbí ti ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, ohun tí wọ́n máa ń ṣe lè jọ pé kò tó: afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti imú bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàìní rẹ̀, àti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba imú dé ikùn kí wàrà lè máa wọlé láìsí fífà. Ẹ sọ fún wọn ọjọ́ kelòó ni láti ìgbà tí imú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ìtẹ̀dí mélòó ló ti tutù láti àárọ̀, àti oògùn tí ẹ ti fún un.