Kóòdù Késárì yín gbà lórí fóònù, ó kọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù: kì í ṣe ayé ló ń ṣe yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ C, ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń fi kóòdù Késárì ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ sì máa ń kọ sí i lábẹ́: "Ọ̀gá, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù mi o, tí mo bá ti gbé e sórí láptọ́ọ̀pù báyìí, pàǹtí ló ń tẹ̀ jáde." Ọ̀kan ní fáírọ́ọ̀sì ni. Òmíràn ti fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù tán kó tó rántí mi, fọ́tò ìkómọ ọmọ ẹ̀ bá a lọ. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ pé àwọn ayé ni, torí lẹ́tà s àti y inú orúkọ òun nìkan ló máa ń bàjẹ́. Ẹ gbà mí o! Ayé wo ló mọ ohun tó ń jẹ́ `char`?

Mi ò ní ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpáílà sórí ẹ̀rọ, ẹ ti mọ̀yẹn. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ò ju kẹ́ ẹ sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní iye kan, tó bá kọjá z kó yí padà sídìí a, kẹ́ ẹ wá fi kọ́mà, àlàfo, nọ́mbà àti gbogbo àmì yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá fi 3 sún "Oya, wa!", "Rbd, zd!" ló yẹ kó jáde. O di R, a di d, w di z. Y ni ò ráyè, z nìkan ló kù níwájú ẹ̀, ló bá yí padà, ó bọ́ sórí b. Kọ́mà, àlàfo àti àmì ìyanu ò mira rárá.

Suẹtóníọ́sì tó kọ ìtàn àwọn Késárì sọ pé 3 ni Júlíọ́sì Késárì máa ń sún tiẹ̀, D ló ń fi sípò A. Àgọ́sítù tó jẹ tẹ̀ lé e, 1 péré lòun ń sún, àmọ́ kì í yí padà o: tó bá dé orí X tó fi parí ábídí tiẹ̀, AA ló máa ń kọ, ó tán. Ọba ni, ta ló máa máàkì iṣẹ́ ẹ̀? Ẹ̀yin ò ní irú àyè yẹn, ibi yíyí padà yẹn gan-an sì ni gbogbo ìjàngbọ̀n yín wà.

Ohun tẹ́ ẹ máa ń kọ rèé, mo ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè kọ ọ́ lójú oorun:

```c
char c = s[i];
if (c >= 'a' && c <= 'z') {
    c += k;
    if (c > 'z') c -= 26;
}
```

Ó jọ pé kò sóhun tó ṣe é, àbí? Ẹ fi 13 sí `k`, kẹ́ ẹ wá bá mi wo y. Nọ́mbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ y ni 121. Tẹ́ ẹ bá ro 13 mọ́ ọn, 134. Lórí fóònù Android yín tó ń lo ẹ̀rọ ARM, `char` máa ń gba nọ́mbà láti 0 dé 255, torí náà 134 jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, kóòdù yín rí i pé ó ju 122 tó jẹ́ nọ́mbà z lọ, ó yọ 26, ó ku 108, l nìyẹn, ó pé. Láptọ́ọ̀pù yín tó ń lo Intel tàbí AMD ńkọ́? Níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ `char` lásán, láti -128 dé 127 ni gcc máa ń kà á sí. 134 ò wọ inú ẹ̀. Ó máa ń ṣe bíi mítà ọkọ̀ tó ti dé òpin, á yí gbiri lọ sídìí pátápátá, y yín á wá di -122. Kóòdù á bi í pé ṣé -122 ju z lọ, ó tì o, kò jù ú lọ. Kò yọ 26 kankan, ó fi pàǹtí yẹn síbẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ rí àmì ìbéèrè tí wọ́n fi àpótí dúdú yí ká. Kò sí fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin C ló fi í sílẹ̀ pé kí oníkálukú yan èyí tó wù ú, fóònù yín yan tiẹ̀, láptọ́ọ̀pù yan tiẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ó máa ń fara pamọ́. Tẹ́ ẹ bá fi 3 dán an wò, z á di 125, ìyẹn ṣì wọ inú 127, ó máa yọ 26, gbogbo ẹ̀ á pé. Títí dé 5 ló máa pé. Tó bá di 6 ni z á bàjẹ́, tó bá fi máa di 13, s títí dé z ló ti lọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olórúkọ yẹn nìyẹn. Lẹ́tà ńlá kì í sì bàjẹ́ láéláé, torí 90 ni Z, kódà tẹ́ ẹ bá sún un ní 25, 115 ló máa já sí. Ẹ wá rò ó wò: àwọn tíṣà orí Yúùtúùbù, lẹ́tà ńlá ni wọ́n ń kọ, 3 ni wọ́n ń fi sún un, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí i? Ọ̀kan nínú wọn ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má kúrò lórí 3, pé nọ́mbà oríire ni, pé òun ni Késárì fúnra ẹ̀ lò. Ó sì ń gbowó lọ́wọ́ wọn o.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́ nìyí:

```c
int sun(int c, int k)
{
    k = (k % 26 + 26) % 26;
    if (c >= 'a' && c <= 'z')
        return 'a' + (c - 'a' + k) % 26;
    if (c >= 'A' && c <= 'Z')
        return 'A' + (c - 'A' + k) % 26;
    return c;
}
```

`int` ni mo lò, kò sí `char` kankan níbẹ̀, torí náà kò sí nọ́mbà tí ò ní wọ̀ ọ́. Mo kọ́kọ́ yọ `'a'` kúrò kí lẹ́tà lè di nọ́mbà láti 0 dé 25, mo sún un níbẹ̀, `%` bá mi yí i padà, lẹ́yìn náà ni mo wá dá `'a'` padà. Y jẹ́ 24, ẹ ro 13 mọ́ ọn, ó di 37, ẹ fi 26 pín in, ó ṣẹ́ ku 11, 11 ni l. Àmì tí kì í ṣe lẹ́tà á ré kọjá ìbéèrè méjèèjì, á bọ́ sórí `return c`, a ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń to kọ́mà, fúlúsítọ́ọ̀pù àti àlàfo lọ́kọ̀ọ̀kan sínú `if` gígùn gbọọrọ, iṣẹ́ asán lẹ̀ ń ṣe, lẹ́tà lẹ máa dá mọ̀, ìyókù á dá ara ẹ̀ mọ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ má pa á rẹ́ o, mo mọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú ọ̀rọ̀ padà, -3 lẹ máa fi sí `k`. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Páítìnì wá ti gbà pé tẹ́ ẹ bá bèèrè `-2 % 26`, 24 ni. Ní Páítìnì, òótọ́ ni. Ní C, -2 ni, ohun tó ṣẹ́ kù máa ń tẹ̀ lé àmì nọ́mbà tẹ́ ẹ̀ ń pín. Ẹ yọ ìlà yẹn kúrò, kẹ́ ẹ wá tú "Rbd, zd!" padà. R á di O, kò sí wàhálà. B jẹ́ 1, ẹ yọ 3, ó ku -2, `'a'` sì jẹ́ 97, ẹ ní 95 lọ́wọ́. Kí ni 95? Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn ni, `_`. Ohun tó máa jáde ni "O_a, wa!" Lẹ́tà kan péré ló bàjẹ́, ẹ̀yin á sì sọ pé ẹ ṣi ọ̀rọ̀ náà tẹ̀. Pẹ̀lú ìlà mi, -3 ti di 23 kó tó dé ọ̀dọ̀ b, 1 pẹ̀lú 23 jẹ́ 24, y padà sílé. Kódà tẹ́ ẹ bá fi -29 sí i, 23 náà ló máa dà.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa pè é rèé:

```c
int c;
while ((c = getchar()) != EOF)
    putchar(sun(c, k));
```

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ kọ gbogbo lẹ́tà kékeré láti a dé z, kẹ́ ẹ fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ lé e, ẹ sún un ní `k`, ẹ tún sún èsì ẹ̀ ní `-k`, ẹ wò ó bóyá bákan náà ló rí pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ẹ ṣe é fún 0, 5, 6, 13, 25, 26 àti -29. Ẹni tó bá jẹ́ fóònù nìkan ló ní, kó fi `-fsigned-char` sí àṣẹ kọ̀ǹpáílà ẹ̀, fóònù á máa ṣe bíi láptọ́ọ̀pù, àṣìṣe tó ń sá pamọ́ á yọjú.

Ẹnì kan á bèèrè nípa Yorùbá, torí náà kí n tètè dáhùn. Báìtì 3 ni ẹ, 225, 186 àti 185, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jẹ́ lẹ́tà lójú `sun`, torí náà "ẹja" á di "ẹmd", ẹ ò ní sún. Àmọ́ kíbọọ̀dù míì máa ń tẹ e lásán, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i lọ́tọ̀. Nígbà yẹn e á di h, àmì ìsàlẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀, ẹ máa rí "ḥmd". Méjèèjì ló máa tú padà dáadáa, ẹ má bẹ̀rù.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù rèé. Kọ́kọ́rọ́ 25 péré ló wà nínú nǹkan yìí, ọmọ ilé ìwé á dán gbogbo ẹ̀ wò kí ẹ̀wà tó jiná. Bernardo Provenzano, ọ̀gá àwọn Máfíà Sísílì tí ọlọ́pàá mú lọ́dún 2006, irú ẹ̀ ló lò fún àwọn ìwé kéékèèké ẹ̀, A jẹ́ 4, B jẹ́ 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọlọ́pàá sì kà á. Síbẹ̀ àwọn kan wà lórí Wásáàpù tí wọ́n ń ta áàpù "atìlẹ̀kùn àṣírí", ẹ tú inú ẹ̀ wò, Késárì ni, 3 ló fi ń sún un. Oníbàárà mi kan ra irú ẹ̀, ó kó gbogbo àṣírí ilé ìfowópamọ́ ẹ̀ sínú ẹ̀, fáìlì yẹn ló fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá òun wo ìdí tí àwọn y ẹ̀ fi bàjẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ tí mo rí nìyí:

```
SLQ pl: 4471
```

Mo ti pààrọ̀ nọ́mbà yẹn kí n tó kọ ọ́ síbí, àmọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà sún, àlàfo dúró, kọ́lọ́ọ̀nù dúró, nọ́mbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà dúró pẹ̀lú wọn ní gbangba, torí ohun tí a ní kóòdù yìí máa ṣe nìyẹn. Baba yẹn ṣì ń ṣàlàyé y fún mi lórí fóònù. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi y sílẹ̀ ná, ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó lónìí yìí, kẹ́ ẹ lọ yí nọ́mbà yẹn padà."